Ọ̀pá Táyà Tó Ṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìpè náà tó tẹ Bàbá Ọdẹkúnlé lọ́wọ́ ní oko rẹ̀ lẹ́bàá Ìmàṣàyí, Ọjọ́rú ni ìwé náà sì ní kí ó wá. Ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì bóyá àná kọ́ ni Ọjọ́rú. Àná ni. Ní aago mẹ́wàá àná, nígbà tí bàbá ń hú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, Ìgbìmọ̀ Ààlà Oko jókòó ní Ìláròó, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n bá fi oko obì tí baba tó bí i lọ́mọ gbìn sí orúkọ ìdílé kejì tí wọ́n jọ pààlà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, bàbá wọ bọ́lẹ̀kájà àkọ́lọ wá sí Ìláròó. Ó kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lórí tábìlì yẹ ìwé náà wò, ó ní wọn ò jí i, wọn ò fà á ya, ó kàn pẹ́ ni. Pípẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn tí àwọn ń ti ènìyàn mọ́lé fún. Ó júwe ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ fún un.

Bí Sẹ̀gilọlá Adéjùmọ̀ ṣe rí bàbá nìyẹn, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé ìpè lórí orúnkún, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìwé náà bí ẹni pé bó bá tẹ́jú dáadáa, ọjọ́ inú rẹ̀ á yí padà.

Sẹ̀gilọlá ló ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, wọ́n sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀, nítorí kò sí fáìlì tó sọnù tí kì í rí, kì í sì í ṣe pé ó máa tú ilé wò. Á jókòó, á bi ọ ní ìbéèrè mẹ́ta, á wá sọ fún ọ pé abẹ́ tíì rẹ ló wà. Inú ìwé ìtàn tó ń yá kà ló ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń yá a ni Olúdayọ̀ Ọmọ́délé, tíṣà kan ní Ayétòrò, tó máa ń gba ọ́fíìsì wọn kọjá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tí á gbé ìwé sórí tábìlì rẹ̀, tí á bi í pé ta ló rò pé ó pa ọkùnrin inú èyí tó lọ. Sẹ̀gilọlá kò sọ ohunkóhun fún Olúdayọ̀ rí. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ara rẹ̀ ṣáá, ó ti sọ ọ́ débi tó fi dà bíi pé ọkùnrin náà gbọ́.

Láti ìgbà tí Lábísí Kòkúmọ́ ti dé, ìwé ìtàn ọ̀hún kì í tètè dé ọwọ́ Sẹ̀gilọlá mọ́. Lábísí ni akọ̀wé kékeré. Oṣù méje péré ló ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé ìwé ìpè lọ sí oko àti abúlé. Ó lẹ́rìn-ín, ó léyín, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá, Olúdayọ̀ gbé ìwé tuntun kan wá, orí tábìlì Lábísí ló gbé e lé. Ó ní kí ó kà á tán, kí ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ni ẹ̀gbọ́n ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà ń ta á lára títí dòní bí ẹ̀gún tó ṣẹ́ sínú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá Adéoyè tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ pe Sẹ̀gilọlá wọlé, ó sì na ìwé kan sí i. Lábísí ló kọ ọ́ lánàá nígbà tó dé. Ó kọ ọ́ pé òun wọ ọkọ̀ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Sàláúdéènì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú ìwé bàbá lọ́wọ́. Pé láàárín igbó, níbi tó jìn sí ilé, ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn ṣẹ́. Pé àwọn èrò ṣẹ́ ewé sójú títì kí ọkọ̀ mìíràn má bàa kọ lù wọ́n. Pé àwọn sùn síbẹ̀. Pé ní Ọjọ́rú òjò rọ̀ láti àárọ̀, kò sí ọkọ̀ tó kọjá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀gá ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Bí ọ̀nà bá dá ìwé dúró, òfin ìgbìmọ̀ ò rí ẹni tí yóò bá wí, ohun tí wọ́n kọ ti dúró nìyẹn, bàbá á gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀ tó bá lágbára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ́fíìsì ló dá ìwé dúró, dandan ni kí wọ́n fagi lé ìjókòó Ọjọ́rú, kí wọ́n sì tún bàbá pè.

"Fáìlì yìí ń gba Abẹ́òkúta lọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé," ni ọ̀gá wí. "Bó bá ti lọ, wọ́n á wá gbá èèkàn mọ́lẹ̀ nínú oko bàbá yẹn. Bá mi wádìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Kí ìròyìn rẹ wà lórí tábìlì mi kí a tó ṣíwọ́."

Sẹ̀gilọlá dáhùn pé ó dáa, sà. Ohun kan dùn mọ́ ọn nínú, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí bàbá.

Ó kọ́kọ́ jókòó ti bàbá lórí bẹ́ǹṣì. Ó bi í bóyá òjò rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn ní Ọjọ́rú. Bàbá ní ó rọ̀, àmọ́ kò tó láti lé àgbẹ̀ nílé. Òun hú ẹ̀gẹ́ nínú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó rí ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà nígbà tó ń bọ̀ láàárọ̀. Bàbá ní òun ò rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun rí ewé gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ sójú títì, ní àárín igbó ọ̀hún gan-an.

Ewé wà. Òjò rọ̀. Inú Sẹ̀gilọlá rẹ̀ díẹ̀. Ó mú ìwé ńlá tí àwọn tó gba lẹ́tà máa ń fọwọ́ sí, ó wo ìlà bàbá: àtàǹpàkò rẹ̀ rèé, Ọjọ́bọ̀ ni Lábísí kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó mú agbòòrùn rẹ̀, ó kọrí sí gáréèjì.

Sàláúdéènì wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ẹsẹ̀ náà ni Sẹ̀gilọlá kí, ẹsẹ̀ náà ló sì dá a lóhùn. Ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ọ̀pá táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ṣẹ́. Sàláúdéènì yọ jáde, ó nu ọwọ́ epo mọ́ ṣòkòtò, ó ní ta ló lọ sọ fún un. Ṣé àwọn ará ọ́fíìsì fẹ́ bá òun ra òmíràn ni.

"Ó ṣẹ́," ni ó wí. "Ọmọbìnrin yín kan wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín yẹn. Òun gan-an ló bá mi ṣẹ́ ewé sójú títì. Ọmọ dáadáa ni."

Ọmọ dáadáa. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Sẹ̀gilọlá dúró nínú oòrùn gáréèjì, ó sì rí i pé òun ti ń retí kí ọkùnrin yìí sọ pé irọ́ ni, bí ẹni ń retí oúnjẹ. Ojú tì í fún ara rẹ̀. Ó ti yí ẹ̀yìn padà láti máa lọ kí ó tó rántí pé òun kò tíì bi í ní ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú.

"Ọjọ́ wo ni, ẹ̀gbọ́n?"

Sàláúdéènì họ orí. Kì í ṣe ẹni tó ń ka Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ ọjà ni òun àti gbogbo awakọ̀ ọ̀nà yẹn ń kà, nítorí ọjọ́ ọjà ni owó ń wọlé. Ó ní ọjọ́ ọjà Ìmàṣàyí ni. Òun ń kó àwọn èrò ọjà bọ̀ wá sí Ìláròó ní ìrọ̀lẹ́ ni, àpò gààrí ló pọ̀ jù lẹ́yìn ọkọ̀.

Sẹ̀gilọlá ní ọjà wo nínú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ti àná, kì í ṣe èyí tó ṣáájú ti àná, èyí tó tún ṣáájú ìyẹn ni.

Sẹ̀gilọlá ka ìka. Àná, Ọjọ́bọ̀, ni ọjà. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí ìkejì: èyí tó ṣáájú bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, èyí tó tún ṣáájú ìyẹn bọ́ sí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tún un kà, ó tún bọ́ síbẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n kà á, ọjà Ìmàṣàyí kò kan Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí. Ó sì rántí pé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Lábísí gbé ìwé ìpè ìdílé kejì lọ sí Ìmàṣàyí, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà dé.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́, níbo ni ọkọ̀ yìí wà? Sàláúdéènì na ìka epo sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ibí yìí ló wà, orí òkúta ni wọ́n gbé e lé. Àárọ̀ yìí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀pá tuntun rà ní Owódé.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá ń padà, ó ń rìn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Lábísí tí kò ṣẹlẹ̀, àfi sísùn sínú igbó. Ọ̀pá táyà ṣẹ́ lóòótọ́, wọ́n ṣẹ́ ewé lóòótọ́, òjò rọ̀ lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà kò dá irọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn gbé ọjọ́ kan kúrò ní àyè rẹ̀, ó gbé e lé òmíràn, ó wá fi òjò Ọjọ́rú dè é. Ẹni tí kì í ka ọjọ́ ọjà kò lè mú un. Ọmọ ìlú ńlá ni Lábísí. Ọ̀sẹ̀ ọ́fíìsì ló ń kà. Ó ti gbàgbé pé awakọ̀ kì í kà á.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sùn sínú igbó, níbo ló sùn?

Ó tún ṣí ìwé ńlá náà. Lẹ́ẹ̀kan yìí, kò wo ìlà bàbá. Ó wo ìlà tó wà lókè rẹ̀. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ fún ilé ìwé kan ní Ayétòrò, lẹ́tà tí kò ní kánkán, tí ọ̀gá ní kí wọ́n gbé lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti gbà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá. Ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, ó sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ká sókè. Sẹ̀gilọlá mọ ìlà náà. Ó wà lójú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé tó ti yá láti ọdún méjì.

Ó jókòó. Ọ̀nà Ayétòrò, ẹ̀yìn Ìmàṣàyí ló wà. Lábísí kọjá lẹ́nu ọ̀nà bàbá pẹ̀lú ìwé bàbá nínú àpò, nítorí ó ń kánjú lọ bá Olúdayọ̀.

Ó mú bébà. Ìròyìn náà ti wà nínú orí rẹ̀ kí bírò tó kan bébà. Á kọ orúkọ méjèèjì. Á kọ ibi tí ó sùn, á fi ìbéèrè síbẹ̀ pé ilé ta ni. Ọ̀gá á kà á fún ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ á kọ̀wé sí ilé ìwé ní Ayétòrò, kò ní sí ẹni tí á tún pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ dáadáa mọ́. Ó kọ ìlà mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ń gbóná. Lẹ́yìn náà ó wo ojú fèrèsé, ó rí bàbá tó ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń kó èèpo rẹ̀ sínú fìlà kí ó má bàa dọ̀tí ọ́fíìsì. Nínú ìlà mẹ́rin tí òun kọ, orúkọ bàbá kò sí níbẹ̀ rárá.

Ó pe Lábísí sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí.

Kò bínú sọ̀rọ̀. Ó bi í pé aago mélòó ni ọ̀pá táyà ṣẹ́. Lábísí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó bi í pé irú ẹrù wo ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Lábísí ní gààrí, ó pọ̀.

"Gààrí ń kúrò ní Ìláròó lọ sí Ìmàṣàyí?" ni Sẹ̀gilọlá bi í. "Láàárọ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Lábísí, àfi bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Sẹ̀gilọlá wá sọ fún un pé ọ̀pá náà ṣẹ́ lóòótọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni, pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ọjọ́ ọjà, àti pé orí òkúta ni ọkọ̀ Sàláúdéènì sùn lọ́jọ́ náà. Kò dárúkọ Olúdayọ̀. Ó kàn ní òun ti rí ìlà tó wà lókè ìlà bàbá.

Lábísí ní kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ fún òun ní àkókò díẹ̀, òun á kọ òmíràn. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì nà án sí i. Sẹ̀gilọlá kà á. Ó kọ ọ́ pé ibà ló mú òun lójijì ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé òun tọrọ àforíjì bí ìdádúró náà bá bí ẹnikẹ́ni nínú.

"O ti bọ́ ẹ̀wù irọ́ kan, o tún gbé òmíràn wọ̀," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ibà tún jẹ́ ohun tí kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rẹ̀. Bí ibà bá mú ọ, oko bàbá ti lọ. Ìwọ lọ wò ó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí o wá sọ fún mi bóyá ó bí i nínú."

Lábísí lọ wò ó. Ó pẹ́. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó béèrè bébà mìíràn. Ẹ̀yìn wákàtí kan ló tó gbé ohun tó kọ wá sórí tábìlì Sẹ̀gilọlá, ó sì dúró tì í bí ọmọ ilé ìwé.

"Ọ̀gá, ohun tí mo kọ lánàá kì í ṣe òótọ́. Ọkọ̀ kankan kò bàjẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé Bàbá Ọdẹkúnlé wà nínú àpò mi nígbà tí ọkọ̀ tí mo wọ̀ gba Ìmàṣàyí kọjá, mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ tètè dé Ayétòrò lọ rí ẹnì kan, mo ní n óò fún bàbá ní ìwé náà nígbà tí mo bá ń bọ̀. Mo gbé lẹ́tà ilé ìwé dání láìjẹ́ pé ẹ rán mi, kí n lè rí ìdí lọ. Mo pẹ́ níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi tán, mo sùn sí ilé àǹtí mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo ṣì lè bá bàbá kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lọ títí di Ọjọ́bọ̀. Èyí ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Ẹni tí mo lọ rí kò mọ̀ pé ìwé wà lọ́wọ́ mi. Bàbá kò rí ìwé náà títí ẹjọ́ fi kọjá, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọwọ́ ọ́fíìsì ló dá ìwé náà dúró, ọwọ́ mi ni, kí wọ́n lè tún bàbá pè. Mo ṣe tán láti sọ ọ́ lójú wọn àti lójú rẹ̀. Ìyà tó bá tọ́ sí mi, mo gbà á. Lábísí Kòkúmọ́."

Sẹ̀gilọlá kà á tán, ó tún un kà. Ó ń wá ibi tí àwáwí sá sí, bí ó ṣe máa ń wá fáìlì. Kò rí i. Ọmọbìnrin náà ti kọ aago, ó ti kọ ibi tí ó ti lè tún un ṣe tí kò ṣe é, ó sì ti kọ ohun kan ṣoṣo tó lè gba oko bàbá padà. Ibi tó dun Sẹ̀gilọlá jù ni ìlà tó ní ẹni náà kò mọ̀. Láàárín gbogbo ẹ̀rù yẹn, ó ṣì rí àyè láti fi ara rẹ̀ bo Olúdayọ̀. Sẹ̀gilọlá bi ara rẹ̀ bóyá òun ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ìlà mẹ́rin tirẹ̀ tó wà lábẹ́ fáìlì, ó sì mọ̀.

Ó fà á jáde, ó fà á ya sí mẹ́rin. Lábísí ń wò ó, kò mọ ohun tó ń fà ya.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Lábísí wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ fẹ́ kọ sí ìròyìn yín?"

Sẹ̀gilọlá dìde, ó ká ìwé Lábísí mọ́ ọwọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ó yíjú padà.

"Ìlà kan ni. Pé mo wádìí, òótọ́ ni ohun tó o kọ síbí. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó o lọ rí, mi ò sì ní fi nǹkan kan kún un. Ọ̀gá lè lé ọ, mi ò ní bá ọ bẹ̀ ẹ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ sọ ọ́ fún bàbá kí ó tó wọ ọkọ̀." Ó di ìlẹ̀kùn mú. "Mò ń jowú rẹ, Lábísí. Ó ti pẹ́. Èmi náà fẹ́ Olúdayọ̀, mi ò sì sọ fún un rí. Mo ti pinnu pé mi ò ní fi oko ẹni ẹlẹ́ni gbẹ̀san rẹ̀ lára rẹ. Ṣùgbọ́n má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."